Àpótí Dídì àbí Àpótí Oníhò: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣírò Ihò Sípíkà kí Béèsì Lè Jinlẹ̀

Ibì kan wà tí àwọn tó ń kan àpótí sípíkà fúnra wọn ti máa ń kùnà. Wọ́n á kan àpótí tó dì dáadáa, béèsì rẹ̀ á mọ́ létí, àmọ́ kò ní jinlẹ̀ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n á wá gbé díríìlì, wọ́n á lu ihò sí i lára, torí wọ́n ti rí ihò lára sípíkà olówó ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí wọ́n á máa gbọ́ ni "búù, búù" kan ṣoṣo, orin yòówù kí wọ́n fi sí i. Gìtá béèsì, ìlù, ohùn ọkùnrin, gbogbo rẹ̀ á máa dún bákan náà.

Ihò kọ́ ló ṣẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kò bá àpótí àti wúfà mu. Ìtọ́sọ́nà yìí máa mú wúfà kan ṣoṣo, á ṣírò àpótí dídì fún un, á ṣírò àpótí oníhò fún un, kí ẹ lè rí ohun tí ihò ń fún yín àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gé pákó.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Wúfà pẹ̀lú ìwé tó bá a wá. Nọ́ńbà tí a ń wá nínú ìwé náà ni Fs, Qts, Qes, Vas, Sd àti Xmax.
- Pílíwúdù tó nípọn tó mìlímítà 18, gọ́ọ̀mù káfíńtà, súkúrù àti sílíkọ́nì.
- Páìpù rọ́bà ínṣì mẹ́rin tí àwọn púlọ́ńbà ń lò.
- Òwú ìrọ̀rí díẹ̀.
- Áńpù tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ `SUBSONIC` tàbí `HPF` sí.
- Fóònù tí ẹ ti fi áàpù tó ń mú ohùn kan ṣoṣo jáde sí. Ẹ tẹ `tone generator` níbi tí ẹ ti ń wá áàpù, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀fẹ́.
- Mítà iná àti rẹsísítọ̀ 100 Ω, bí ẹ bá ní in. Kò pọn dandan.

Ìpele 1: Ẹ ka nọ́ńbà wúfà

Àpẹẹrẹ wa ni wúfà ínṣì mẹ́wàá tí nọ́ńbà rẹ̀ rí báyìí: Fs 30 Hz, Qts 0.38, Qes 0.42, Vas lítà 60, Sd 330 cm², Xmax 7 mm. Fs ni ìwọ̀n tí bébà wúfà máa ń fẹ́ mì sí fúnra rẹ̀ nígbà tí kò tíì sí nínú àpótí. Qts ń sọ bí mágínẹ́ẹ̀tì àti ohun tó di bébà mú ṣe lágbára tó láti dá bébà náà dúró: bó bá ṣe kéré tó ni ìdádúró náà ṣe lágbára tó. Qes ń sọ ti mágínẹ́ẹ̀tì nìkan. Vas ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí líle rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú líle ohun tó di bébà náà mú yíká. Sd ni ìwọ̀n ojú bébà tó ń ti afẹ́fẹ́. Xmax ni ibi tí bébà lè rìn dé síwájú tàbí sẹ́yìn kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ẹ pín Fs pẹ̀lú Qes. Tiwa jẹ́ 30 ÷ 0.42, ó sì fún wa ní 71. Bí èsì yín bá wà lábẹ́ 50, àpótí dídì ni wúfà yẹn ń fẹ́. Bó bá ju 100 lọ, àpótí oníhò ló yẹ ẹ́. Èyí tó bá wà láàárín méjèèjì lè gba èyíkéyìí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi mú tiwa yìí.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà:* wọ́n á ra wúfà tí kò ní ìwé kankan, wọ́n á sì ní kí káfíńtà "lu ihò tó máa bá a mu". Káfíńtà kò lè mọ̀ ọ́n, èmi náà kò lè mọ̀ ọ́n. Wúfà tí kò bá ní ìwé, àpótí dídì ni kí ẹ kan fún un, torí àpótí dídì máa ń gba àṣìṣe mọ́ra. Bí ẹ bá fi lítà mẹ́rin ṣìṣe nínú àpótí dídì, ẹ lè má gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Wúfà tí Qts rẹ̀ bá sì ti kọjá 0.5, ẹ má lu ihò sí àpótí rẹ̀ rárá.

Ìpele 2: Ẹ kọ́kọ́ ṣírò àpótí dídì

Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti pinnu pé oníhò lẹ ń fẹ́, ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ lè mọ ohun tí ihò ń fi kún un.

```
Vb = Vas / ((0.707 / Qts)^2 - 1)
Fc = Fs * 0.707 / Qts
```

Vb ni ìwọ̀n àpótí ní lítà. Fc ni ibi tí béèsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Níbẹ̀, ó ti fi 3 dB dínkù. Fún wúfà wa, Vb jẹ́ lítà 24.4, Fc sì jẹ́ 56 Hz. Àpótí kékeré tó wúlò nìyẹn. Bí ẹ bá fi nǹkan bíi lítà méjì àti ààbọ̀ kún un fún ara wúfà àti igi tí ẹ máa fi gbé ògiri ró, àpótí tí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 ní gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó.

Lábẹ́ 56 Hz, àpótí yìí kì í ṣubú lójijì. Bí Hz ohùn bá lọ sílẹ̀ dé ìdajì, á fi nǹkan bíi 12 dB rẹlẹ̀. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń dún ní 41 Hz. Àpótí dídì yìí ṣì máa gbé e jáde, àmọ́ ó ti fi 6.5 dB rẹlẹ̀ sí ohùn tó wà lókè. Olókùn márùn-ún, tí okùn rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ 31 Hz, á fi èyí tó ju 10 dB lọ rẹlẹ̀. Ìyẹn lohun tí etí yín ń pè ní "kò jinlẹ̀".

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bẹ́ ẹ bá kan àpótí dídì yìí, ẹ fi ìka méjì ti bébà wúfà wọlé jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rọra padà wá. Bó bá já padà kíá bíi pé kò sí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jáde níbì kan, ẹ wá ibẹ̀ kí ẹ fi sílíkọ́nì dí i.

Ìpele 3: Ẹ wo ohun tí ihò ń ṣe, kí ẹ ṣírò àpótí oníhò

Ẹ mú ìgò tó ṣófo, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ohùn kan ṣoṣo ló máa mú jáde, torí afẹ́fẹ́ tó wà ní ọrùn ìgò ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹrù, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn rẹ̀ sì ń tì í padà bíi síprín. Páìpù àti àpótí sípíkà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹrù yẹn kò tiẹ̀ wúwo rárá: afẹ́fẹ́ tó ń mì nínú páìpù tí a máa lò yìí kò ju gíráàmù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ.

Ìwọ̀n ohùn tí ẹrù àti síprín yìí ń fẹ́ mì sí ni à ń pè ní Fb. Ní Fb, páìpù ló ń ṣiṣẹ́ náà. Bébà wúfà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan, afẹ́fẹ́ á sì máa tú wọlé tú jáde lẹ́nu páìpù. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà gbé e. Kí sípíkà tó wà nílẹ̀ tó lè dún tó 100 dB ní mítà kan, lórí ohùn 30 Hz, bébà wúfà wa nínú àpótí dídì gbọ́dọ̀ rin nǹkan bíi mìlímítà 12 àti ààbọ̀ síwájú àti iye kan náà sẹ́yìn. Xmax rẹ̀ kò sì ju 7 lọ. Kò lè ṣe é, bó ti wù kí áńpù lágbára tó. Nínú àpótí oníhò, wúfà yìí kan náà á ṣe é láìfẹ́rẹ̀ẹ́ mira.

```
Vb = 15 * Vas * Qts^2.87
Fb = 0.42 * Fs / Qts^0.9
F3 = 0.26 * Fs / Qts^1.4
```

F3 nínú èyí dà bíi Fc lókè, ibi tí béèsì ti fi 3 dB rẹlẹ̀. Fún wa, Vb jẹ́ lítà 56, Fb jẹ́ 30 Hz, F3 náà sì jẹ́ 30 Hz. Béèsì wa ti kúrò ní 56 Hz, ó bọ́ sí 30 Hz, lórí wúfà kan náà.

Owó tí a san rèé. Àpótí ti ju ìlọ́po méjì lọ. Èkejì, lábẹ́ 30 Hz, bí ohùn bá lọ sílẹ̀ dé ìdajì, béèsì á fi nǹkan bíi 24 dB já bọ́, ìlọ́po méjì ti àpótí dídì, torí níbẹ̀ afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu páìpù ń fagi lé èyí tí bébà ń tì síwájú. Ẹ̀kẹta ló ń ba wúfà jẹ́, mo fi ìpele 6 sílẹ̀ fún un. Ẹ̀kẹrin ni pé ohun tó bá ń mì lórí síprín kì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìlù bá ti dákẹ́, páìpù ṣì máa fa ohùn rẹ̀ lọ díẹ̀. Etí àwọn kan kò bìkítà fún èyí, tèmi máa ń gbọ́ ọ lórí gángan ju orí gìtá lọ.

Ìpele 4: Ẹ ṣírò páìpù

```
L = 23562 * D^2 / (Fb^2 * Vb) - 0.73 * D
```

L ni gígùn páìpù, D ni fífẹ̀ inú rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà ni méjèèjì. Vb ní lítà, Fb ní Hz. Ẹ fi rúlà wọn inú páìpù fúnra yín, torí "ínṣì mẹ́rin" tí oníṣọ́ọ̀bù ń pè é kì í ṣe inú rẹ̀ gan-an. Ká ní inú tiwa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10:

23562 × 100 ÷ (900 × 56) jẹ́ 46.7. Ẹ yọ 7.3 kúrò. Ó ku sẹ̀ǹtímítà 39.4.

Ó gùn, àbí? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sá padà sí páìpù tó tín-ín-rín. Bí D bá jẹ́ 7.5, gígùn rẹ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 21, á sì wọ inú àpótí wẹ́rẹ́. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba ẹnu fífẹ̀ kọjá á máa sáré gba ẹnu tóóró. Lórí 30 Hz àti 100 dB tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ inú páìpù 10 cm á máa sáré dé mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti 7.5 cm á dé nǹkan bíi 18. Bó bá ti kọjá nǹkan bíi 17, ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "fùù, fùù" lẹ́nu páìpù, bíi ẹni tó ń mí sínú máíkì. Torí náà, páìpù tó fẹ̀ tó sì gùn ni kí ẹ lò, kí ẹ wá ṣe àpótí tó máa gbà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹni tó lu ihò lásán sí àpótí dídì. Àpótí rẹ̀ jẹ́ lítà 24.4, ihò rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, "páìpù" rẹ̀ kò sì gùn ju nínípọn pákó lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 1.8. Bí ẹ bá fi ìṣirò yẹn wo Fb rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ máa bá a ní nǹkan bíi 100 Hz. Kò sí béèsì tó jinlẹ̀ níbẹ̀. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tó wá wà lábẹ́ 100 Hz, tó jẹ́ gbogbo béèsì pátá, ti já bọ́. "Búù" tó ń gbọ́ nìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tún ìṣirò yín ṣe pẹ̀lú Fb tí ẹ fi 1 Hz dínkù. L gbọ́dọ̀ gùn sí i. Bó bá kúrú sí i, ẹ ti fi nǹkan kan sí ibi tí kò yẹ kó wà.

Ìpele 5: Ẹ kan àpótí

Lítà 56 ni afẹ́fẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù nínú àpótí lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan bá ti wọlé. Páìpù fúnra rẹ̀ máa gba nǹkan bíi lítà mẹ́rin, wúfà á gba méjì, igi tí ẹ fi gbé ògiri ró á gba méjì. Àpótí tí inú rẹ̀ jẹ́ 35 × 35 × 52 cm á fún wa ní nǹkan bíi lítà 64.

Ẹ fi wúfà sí ojú tó gùn. Ẹ gbé páìpù gba ojú kékeré wọlé, kó na ara rẹ̀ lọ lójú gígùn 52 yẹn, nítòsí ògiri ẹ̀yìn, kó má bàa kan mágínẹ́ẹ̀tì wúfà. Láti ẹnu páìpù tó wà nínú sí ògiri tó dojú kọ ọ́, ó kéré tán ẹ fi àlàfo tó tó fífẹ̀ páìpù sílẹ̀. Nínú àpótí wa, ó ku nǹkan bíi 14, ó tó. Kí ara páìpù náà má lẹ̀ mọ́ ògiri. Sẹ̀ǹtímítà méjì dára.

Ẹ gé páìpù náà ní 44, ẹ má gé e ní 39.4. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ o! Ẹ kàn ki í bọnú ihò kó fún dáadáa, torí ẹ ṣì máa fà á yọ.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà:* òwú. Nínú àpótí dídì, ẹ lè fi òwú ìrọ̀rí kún inú rẹ̀ láìdì í gbagidi, ó ń ràn án lọ́wọ́. Nínú àpótí oníhò, ẹ tẹ́ òwú pẹlẹbẹ sára ògiri nìkan. Òwú tó bá wà níwájú ẹnu páìpù á so afẹ́fẹ́ yẹn lẹ́sẹ̀, ẹ ó sì ti fi páìpù yín ṣòfò.

Ìpele 6: Ẹ wá Fb, kí ẹ gé páìpù títí ẹ ó fi bá a

Ẹ so fóònù mọ́ áńpù, kí ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ títí bébà wúfà á fi máa mì díẹ̀díẹ̀ lójú yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 45 Hz, kí ẹ máa fi 1 Hz sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ kàn máa wo bébà náà láti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Á máa mì, á máa mì, tó bá yá á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá, síbẹ̀ ọwọ́ tí ẹ fi sí ẹnu páìpù á máa gba atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni Fb yín. Bí ẹ bá tún sọ ọ́ kalẹ̀ sí i, bébà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì padà, á sì máa mì jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ní mítà lè ṣe é kó péye sí i. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 100 Ω sáàárín áńpù àti wúfà, kí ẹ wọn iná AC lójú ibi tí wáyà ti wọ wúfà. Bí ẹ ṣe ń sọ ohùn kalẹ̀ láti 80 Hz, nọ́ńbà á gòkè, á wálẹ̀, á tún gòkè. Ibi tó ti wálẹ̀ jù láàárín òkè méjèèjì ni Fb. Àpótí dídì kò ní ju òkè kan ṣoṣo lọ. Bẹ́ ẹ bá rí òkè kan nígbà tí páìpù wà níbẹ̀, ẹ wo páìpù náà bóyá nǹkan dí i.

Pẹ̀lú páìpù 44, ẹ yẹ kẹ́ ẹ bá Fb láàárín 28 sí 29 Hz. Ẹ fà á yọ, ẹ gé sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ dá a padà, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ń gbé Fb ga ní nǹkan bíi 1 Hz. Bí ẹ bá ti dé 30, ó tán, ẹ lè fi sílíkọ́nì lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó gé e ní 39.4 lẹ́ẹ̀kan náà, tí Fb rẹ̀ wá bọ́ sí 33 torí àpótí rẹ̀ kéré ju bó ṣe rò lọ, páìpù mìíràn ló máa lọ rà.

Wàyí o, ohun tó ń ba wúfà jẹ́. Ẹ rí i pé lábẹ́ Fb bébà ń mì jù. Ìdí ni pé níbẹ̀ afẹ́fẹ́ àpótí kò tì í padà mọ́. Ó kàn ń gba ẹnu páìpù jáde. Lórí ohùn 20 Hz, wúfà inú àpótí oníhò fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí èyí tí ẹ gbé sílẹ̀ láìní àpótí. Etí kò sì gbọ́ nǹkan kan, torí náà ẹni tó ń fi orin sí i á tún gbé ohùn sókè. Bí ẹnìkan bá gbá máíkì lọ́wọ́, tàbí tí ẹ já wáyà nígbà tí áńpù ṣì wà lórí iná, bébà á fò jáde ju Xmax lọ, wáyà inú rẹ̀ á sì gbá mágínẹ́ẹ̀tì, "káà!"

Ẹ yí `SUBSONIC` tàbí `HPF` sí 25 Hz. Ẹ pa `BASS BOOST`. Bí áńpù yín kò bá ní bọ́tìnnì yìí, àpótí dídì ló yẹ yín, torí inú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń di wúfà mú títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi 20 Hz sí i ní ohùn rírẹlẹ̀, ẹ pa `SUBSONIC`, ẹ tún tan án. Mímì bébà gbọ́dọ̀ dínkù lójú yín nígbà tí ẹ bá tan án.

Ìpele 7: Ẹ gbọ́ ọ níbi tó máa wà

Níta gbangba, ní òde ìnáwó, àpótí oníhò ló ń borí, torí kò sí ògiri tó máa ran béèsì lọ́wọ́. Inú mọ́tò yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ inú mọ́tò tí a ti wíńdò rẹ̀ kéré débi pé òun fúnra rẹ̀ ń gbé béèsì ìsàlẹ̀ ga, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú bí àpótí dídì ṣe ń rẹlẹ̀. Ẹ gbé àpótí lítà 24 síbẹ̀ kí ẹ sì fi àyè tó kù kó ẹrù. Yàrá kékeré wà láàárín méjèèjì. Ògiri máa ń fi tirẹ̀ kún 30 Hz tí páìpù ń gbé, béèsì á sì pọ̀ jù.

Bó bá pọ̀ jù níyàrá yín, ẹ má tíì tú àpótí. Ẹ ká tówẹ́lì, kí ẹ ki í bọ ẹnu páìpù kó fún dáadáa. Lójú ẹsẹ̀, ó ti di àpótí dídì lítà 56. Béèsì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ láti nǹkan bíi 59 Hz, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, ògiri yàrá á sì dí apá kan rẹ̀. Ìlù á dúró ní àkókò tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orin tí ẹ mọ̀ dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ fa tówẹ́lì náà yọ, kí ẹ tún gbọ́ orin kan náà. Bí ẹ bá sì tún gbé e lọ síta, ẹ yọ tówẹ́lì kí ẹ tó gbé ohùn sókè, kí ẹ sì rí i pé `SUBSONIC` ṣì wà ní 25 Hz.